Páálí Mélòó Ló Yẹ Kó Wà Nínú Ṣọ́ọ̀bù Ẹ? Ọ̀rọ̀ Tá A Sọ Fáwọn Ọlọ́jà ní Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń ta pírófíṣọ̀n sọ ni mo kọ síbí, torí àwọn kan ní àwọn ò ráyè wá.

Tá a bá ti ń wá ẹni tá ó máa rajà lọ́wọ́ ẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ wa ni pé "èló ló ń tà á?" Kò burú, àmọ́ èmi máa ń kọ́kọ́ béèrè pé tí mo bá pè é lónìí, ọjọ́ wo lọjà máa wọlé, torí ìyẹn ló máa sọ iye páálí tí mo gbọ́dọ̀ máa tọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká mú indomí. Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tẹ́ ẹ̀ ń tà lóòjọ́, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ká ní ẹ ta páálí 60 lóṣù tó kọjá, ẹ wá fi 30 pín in, ẹ ní 2 lóòjọ́, ṣùgbọ́n ọjà tán nílẹ̀ fún ọjọ́ 10 nínú oṣù yẹn, àwọn tó wá rà á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọjọ́ 20 péré lẹ fi tà á, 3 lóòjọ́ ni ọjà yín ń rìn! Ọjọ́ tí ọjà ò sí nílẹ̀, ẹ má kà á mọ́ ọn.

Ó wá ku àwọn tó ń kó o wá. Ká ní ẹnì kan wà ní Lọ́kọ́jà tó ń ta páálí kan ní ₦10,000, ó sì ń já 15 fúnni lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ 2 lọjà ẹ̀ máa ń dé, tó bá pẹ́ gan-an, ọjọ́ 4. Ẹnì kejì wà l'Ékòó, ₦9,700 ló ń tà á, àmọ́ kì í tà tí kò bá tó 50, ọjọ́ 4 lọjà ẹ̀ ń dé, ọkọ̀ sì lè má tètè kún tàbí kó bàjẹ́ lọ́nà, ó á di ọjọ́ 10. Ọjọ́ tó pẹ́ jù yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣírò, ẹ má fi ọjọ́ tó yá lára ẹ̀ ṣe é.

Fún ti Lọ́kọ́jà, 3 lọ́nà 4, ìyẹn 12. Tó bá ti ku 12 nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ pè é. Fún t'Ékòó, 3 lọ́nà 10, tó bá ti ku 30 lẹ gbọ́dọ̀ pè é. Tí ọjà Lọ́kọ́jà bá tètè dé, 6 á ṣì wà nílẹ̀, pẹ̀lú 15 ó di 21, owó bíi ₦210,000. T'Ékòó ńkọ́? 18 á ṣì wà nílẹ̀, pẹ̀lú 50, ó di 68, owó ẹ̀ sì ń lọ sí ₦660,000. Ẹ ṣáà wò ó, nǹkan bíi ₦450,000 ló yàtọ̀ síra, ó jókòó tì, eku tún lè bá a ṣeré.

Kí lẹ wá jèrè? ₦300 lórí páálí kan, ká ní owó ọkọ̀ t'Ékòó fi ₦150 ju ti Lọ́kọ́jà lọ, ó ku ₦150. Páálí 90 lóṣù, ₦13,500. Tí ₦450,000 yẹn bá wà nínú súgà àti mílíìkì tó ń yára tà, ṣé kò ní mú ju ₦13,500 wá lóṣù? Tó bá máa mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti Lọ́kọ́jà yẹn ni kẹ́ ẹ mú, ọ̀wọ́n tàbí ọ̀pọ̀.

Àmọ́ báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé? Ẹ má gba ẹnu ẹ̀ gbọ́. Ẹ ra díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pè é sílẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ ránsífà owó, ọjọ́ tí ọjà wọlé, bóyá iye ẹ̀ pé. Kó tó kó o sọ́kọ̀, kó ya fọ́tò déètì tó wà lára páálí ránṣẹ́, torí ọjà tó kù díẹ̀ kó bàjẹ́ ni àwọn kan máa ń fi ẹ̀dínwó tì síni lọ́rùn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dúnàá dúrà, ẹ má dúró sórí iye owó nìkan. Ta ló ni páálí tó bá tutù lọ́nà? Ṣé ó máa gbà á padà? Ṣé ó lè fún yín ní àwìn ọjọ́ 7? Ẹ rántí pé páálí 15 yẹn, ọjọ́ 5 lẹ máa fi tà á tán, owó ẹ̀ ti wọlé kẹ́ ẹ tó san. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye owó ọwọ́ àti iye àwìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá fi ₦200 kún ₦10,000 torí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, èlé tó gbóná nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ san owó yín.

Màmá kan bi mí pé Kérésì ńkọ́, nígbà tí àwọn ọmọ wa bá ti Àbújá àti Èkó wálé. Mo ní ìṣírò oṣù Kẹwàá ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìwé Dìsẹ́ńbà tó kọjá ni kí wọ́n wò, kí wọ́n sì tètè pe Lọ́kọ́jà, torí gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti Ìyàrà títí dé Ìsánlú ló máa ń pe àwọn tó ń já ọjà lọ́sẹ̀ kan náà. Àmọ́ ti bísíkíìtì olówó ńlá tí èèyàn méjì péré ń rà lóṣù, Kérésì tàbí kò sí Kérésì, ẹyọ páálí kan ti tó.