Bánà Méjì, Èwo Ni Wọn Yóò Tẹ̀ Jù? Bí A Ṣe Ń Fojú Díwọ̀n Rẹ̀, àti Ibi Tí Agbára Ojú Mọ

Ẹ káàbọ̀. Bánà méjì lẹ rí lójú kọ̀ǹpútà yìí, bàtà kan náà ni wọ́n sì ń polówó. Ìwọ̀n wọn dọ́gba: píksẹ́lì 300 ní fífẹ̀, 250 ní gíga. Ẹ̀yìn bánà A funfun. Bàtà kan ṣoṣo ló gba nǹkan bí ìdajì rẹ̀, wọ́n kọ "Bàtà eré sísá tí kò wúwo" sókè, bọ́tìnì aláwọ̀ ọsàn sì wà nísàlẹ̀. Bánà B jẹ́ fọ́tò èèyàn mẹ́rin tó ń sáré lórí pápá, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ 17 ni wọ́n tò sórí fọ́tò náà, bọ́tìnì aláwọ̀ ewé sì wà ní igun ìsàlẹ̀, lórí koríko. A fẹ́ sọ èyí tí àwọn èèyàn yóò tẹ̀ jù kí ìpolówó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dá àwọn bánà padà sí ìwọ̀n gidi wọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹni tó ya bánà ń wò ó ní ìlọ́po mẹ́ta lójú kọ̀ǹpútà ńlá, gbogbo lẹ́tà á sì hàn gedegbe. Ẹni tí a ń polówó fún kò ní rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ ya àwòrán ojú ìwé ìròyìn kan tó kún fún ọ̀rọ̀ àti fọ́tò, ẹ lẹ bánà A mọ́ ọn níbi tí ìpolówó máa ń wà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún B lórí ẹ̀dà mìíràn, kí ẹ wá gbé méjèèjì sórí fóònù.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí A. Ojú ìwé funfun, ẹ̀yìn bánà náà funfun, etí bánà kò hàn mọ́. Bàtà yẹn kàn dúró láàárín ìròyìn bí ẹni pé ó bá ìròyìn wá. Ìlà aláwọ̀ eérú tó nípọn píksẹ́lì 1 yí bánà náà ká ti tó láti tún un ṣe. Ní ti B, lẹ́tà kéékèèké inú rẹ̀ ti di eruku lórí koríko, bàtà ẹsẹ̀ àwọn sárésáré náà kò sì tó èékánná.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ìwòye ìṣẹ́jú-àáyá kan dán wọn wò. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan? Nínú òṣùwọ̀n tí àwọn onípolówó ń lò, a lè ka bánà lásán sí èyí tó ṣeé rí bí ìdajì píksẹ́lì rẹ̀ bá ti wà lójú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan láìdáwọ́dúró. Ó ṣeé ṣe kó má gbà ju àyè yẹn lọ. Ẹ pe ẹni tí kò rí bánà náà rí, ẹ fi ọ̀kan ṣoṣo hàn án, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ wá bi í pé: kí ni wọ́n ń tà? Kí ló yà á sọ́tọ̀? Ibo ni wàá tẹ̀? Ẹlòmíràn ni kẹ́ ẹ fi ìkejì hàn, torí ẹni tó ti rí A ti mọ̀ pé bàtà ni kó tó rí B.

Ojú èèyàn tètè máa ń fa ojú wa, B yóò sì jàǹfààní ìyẹn. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìdáhùn dáadáa. Bí wọ́n bá ní "àwọn èèyàn kan ń rẹ́rìn-ín", tí wọn kò dárúkọ bàtà, fọ́tò náà ti gba ojú ṣùgbọ́n kò fi í ṣe nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bọ́tìnì. Àwọ̀ ọsàn ti bọ́tìnì A ni `#FF8C00`, lẹ́tà funfun ló sì wà lórí rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀ méjèèjì sínú ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n ìyàtọ̀ àwọ̀: nǹkan bí 2.3 sí 1 lẹ ó rí. Ìlànà WCAG, tó wà kí gbogbo èèyàn lè ka ojú ìwé ayélujára, ń béèrè 4.5 sí 1, ó kéré tán, fún lẹ́tà tí kò tóbi. Ẹ sọ lẹ́tà náà di dúdú, yóò fò dé nǹkan bí 9 sí 1. Àìsàn ti B yàtọ̀: àwọ̀ ewé lórí koríko, bọ́tìnì náà ti wọ inú fọ́tò lọ. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún ṣe, ẹ tún un ṣe báyìí. Bí ẹ bá yí i padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sọ àsọtẹ́lẹ̀, bánà mìíràn lẹ ń dán wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ àsọtẹ́lẹ̀ yín sílẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe dá yín lójú tó. Pẹ̀lú ìlà etí àti lẹ́tà dúdú, mo mú A, 65 nínú 100. Mi ò lè sọ pé 90, torí ìdí pàtàkì kan: mi ò mọ àwọn tí wọn yóò fi hàn.

Ibẹ̀ gan-an ni agbára àwòrán mọ. Ẹni tó ti ń wá bàtà yóò tẹ A. Ẹni tí kò ronú bàtà rárá lè jẹ́ pé ẹ̀rín inú B ni yóò dá a dúró. Bánà kan náà lókè ojú ìwé àti nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í gba iye kan náà. Kò sí èyí tí a lè kà lára àwòrán, ìdánwò nìkan ló lè sọ ọ́.

Ká ní a fi bánà kọ̀ọ̀kan hàn nígbà 40,000. Wọ́n tẹ A nígbà 80, wọ́n tẹ B nígbà 100. Ìdá 0.20 àti 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ọ̀pọ̀ á ti pariwo pé B borí. Ẹ dúró ná. Bí iye ìgbà tí a fi méjèèjì hàn bá dọ́gba, tí títẹ̀ sì kéré gan-an sí i, ìṣirò kékeré yìí tó fún wa, níbi tí A àti B ti jẹ́ iye ìgbà tí wọ́n tẹ bánà kọ̀ọ̀kan:

```
|A - B| > 2 * sqrt(A + B)
```

Ìyàtọ̀ wa jẹ́ 20. Ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ nǹkan bí 26.8. Kò tíì kọjá, nítorí náà oríire lásán ṣì lè mú irú ìyàtọ̀ yìí wá. Ní ìgbà 160,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká ní ìdá náà kò yí padà, 320 àti 400 ni wọn yóò jẹ́: ìyàtọ̀ di 80, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ nǹkan bí 53.7. Ìgbà yẹn la tó lè sọ̀rọ̀. Kí ẹ ti pinnu iye àfihàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, tó sì dúró ní ọjọ́ tó wù ú, yóò rí olùborí níbi tí kò sí.

Ohun kan tún wà tó ń ba ìdánwò jẹ́. Ẹ̀rọ ìpolówó máa ń tètè ti bánà tó bá ṣe dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ síwájú, yóò sì wá irú àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ fún un. Bó bá yá, àwọn tó rí A kì í ṣe irú àwọn tó rí B mọ́. Nínú Google Ads, ẹ wá `Ad rotation`, kí ẹ mú `Do not optimize: Rotate ads indefinitely`. Ìyẹn ń dín ìṣòro náà kù, kò pa á rẹ́. Bí ẹ bá lè fi kèké pín àwọn èèyàn sọ́nà méjì, ìyẹn ló dára jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ lé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dé ojú ìwé ọjà. Bọ́tìnì B wà ní igun tí àtàǹpàkò máa ń wà bí èèyàn bá ń yí ojú fóònù sókè. Bí púpọ̀ nínú àwọn 400 yẹn bá padà sẹ́yìn kí ojú ìwé tó ṣí tán, ìka ló ṣèèṣì kan án.

Bí B bá sì borí lóòótọ́, ohun tẹ́ ẹ lè kọ sínú ìròyìn yín ni pé: "Wọ́n tẹ B ju A lọ, lórí àwọn ìkànnì wọ̀nyí, lórí fóònù, láàárín àwọn ọjọ́ wọ̀nyí." Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé àwòrán èèyàn dára ju àwòrán ọjà lọ. Fọ́tò, iye ọ̀rọ̀, àwọ̀ bọ́tìnì àti ipò rẹ̀ ló yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láàárín méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ojú èèyàn ló ṣiṣẹ́ náà, ẹ ya bánà C: fọ́tò B, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́fà ti A àti bọ́tìnì A ní ipò tó wà nínú A, kí ẹ sì fi C bá A figagbága.