Owó ibodè tí kírọ́ọ̀sì ìlà méjì ń gbà lọ́wọ́ wa nígbà tí ọjà bá dúró sójú kan

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀ lónìí, ìyẹn kírọ́ọ̀sì múfìn áfẹ́réèjì, àwọn ìlà ìpíndọ́gba méjì tí a máa ń fà sórí ṣáàtì, tí ìlà kékeré bá gòkè kọjá ìlà ńlá a rà, tó bá já wálẹ̀ a tà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti lò ó tó jẹ wọ́n lówó, wọ́n wá ní irọ́ ni. Ó ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, torí ìlà yẹn ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, owó ibodè ló ń gbà, ó ń gbà á tí a bá ń wọlé, ó tún ń gbà á tí a bá ń jáde, a ò kàn jókòó ṣírò iye tó jẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká lo ìlà tó kéré ká lè fi bírò ṣe é, ìlà ọjọ́ 3 àti ìlà ọjọ́ 6. Ẹ ó ro iye tí ọjà fi tì lọ́jọ́ 3 tó kẹ́yìn pọ̀, ẹ pín in sí 3. Ti ọjọ́ 6 náà bẹ́ẹ̀, ẹ pín in sí 6. Tílẹ̀ bá mọ́, iye tuntun wọlé, èyí tó pẹ́ jù jáde. Ẹ wá wò ó dáadáa, àwọn ọjọ́ 3 tó wà nínú ìlà kékeré wà nínú ìlà ńlá náà, tí a bá yọ wọ́n kúrò, ohun tó kù ò ju pé a ń fi ọjọ́ 3 tó kẹ́yìn wé ọjọ́ 3 tó ṣáájú wọn lọ. Tí àwọn ti ẹ̀yìn yìí bá ga ju ti ìṣáájú, ìlà kékeré á wà lókè. Gbogbo ohun tí kírọ́ọ̀sì ń sọ fún wa nìyẹn, ọ̀rọ̀ àná ló ń sọ, kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀la.

Ó dáa, ẹ mú bírò. Ká ní ọjà kan ń lọ ń bọ̀ láàárín 100 sí 108, ó ń rin 2 lóòjọ́. Láti ọjọ́ kìíní, ohun tí a rí nìyí: 106, 104, 102, 100, 102, 104, 106, 108, 106, 104, 102. Lọ́jọ́ kẹfà, ìlà kékeré wà ní 102, ìlà ńlá wà ní 103, a ò tíì rà. Lọ́jọ́ keje, ìlà kékeré di 104, ìlà ńlá ṣì wà ní 103, kírọ́ọ̀sì ti dé, a rà ní 106. Lọ́jọ́ kẹjọ ọjà dé 108, inú wa dùn, àmọ́ òkè tó lè dé nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, síbẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá tí ọjà ti wà ní 104, ìlà kékeré ṣì wà lókè, 106 sí 105, ó ní ká dúró. Ọjọ́ kọkànlá ló tó já sí 104 sábẹ́ 105, a tà ní 102. A rà ní 106, a tà ní 102, poòǹtì 4 ti lọ, bẹ́ẹ̀ a ò ṣe àṣìṣe kankan o, gbogbo òfin la tẹ̀ lé. Ẹni tó bá sì tún ń ta ṣọ́ọ̀tì ní 102 yẹn, ìyẹn ẹni tó yá ọjà tà pé òun á rà á padà tó bá wálẹ̀ sí i, ó máa rà á padà ní 106 nígbà tó bá tún yí, òun náà á sọ 4 nù.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìyẹn wé ọjà tó ní ìdí tó fi ń lọ sókè. Ó kúrò ní 100 báyìí, kò dúró títí ó fi dé 140 kó tó yí padà. Kírọ́ọ̀sì á ní ká rà ní 106 kan náà, á sì ní ká tà ní 134, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tó ti yí. Èrè 28. Ṣé ẹ ti rí i? Nínú ọjà méjèèjì, a pàdánù 6 nísàlẹ̀, a pàdánù 6 lókè, 12 ni owó ibodè. Ìrìn 40 san 12, ó ku 28. Ìrìn 8 fẹ́ san 12, níbo ló ti máa rí i? Ibi tí ọ̀rọ̀ réńjì wà nìyẹn gan-an, ọjà tó dúró sójú kan ń fún wa ní ìrìn tí kò tó owó ibodè, ó sì ń fún wa léraléra, kọ́míṣọ̀n ò tíì sí nínú rẹ̀ o.

Èèyàn lè mọ̀ ọ́n lójú ṣáàtì. Ìlà ńlá á tẹ́ pẹrẹsẹ, ìlà kékeré á máa lọ́ mọ́ ọn lára, ọjà á sì máa gba àárín àwọn méjèèjì kọjá lọ sókè lọ sísàlẹ̀. Ẹ wọn ìrìn mẹ́ta mẹ́rin tó ti kọjá, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí kò bá sí èyí tó tó owó ibodè yín, kírọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ yẹn, èmi ò ní gbà á.

Ìlà tó gùn ò sì yọ wá níbẹ̀. Ìlà ọjọ́ 50 àti ọjọ́ 200 làwọn tẹlifíṣọ̀n máa ń pariwo rẹ̀ lórí S&P 500, òṣùwọ̀n ìpín àwọn iléeṣẹ́ ńlá bíi 500 ní Amẹ́ríkà, tí ìlà kékeré bá gòkè kọjá, wọ́n á pè é ní gólúdìn kírọ́ọ̀sì, tó bá já wálẹ̀, wọ́n á pè é ní dẹ́ẹ̀tì kírọ́ọ̀sì. Ọdún 2015 ọjà yẹn ò lọ síbì kan, ó parí 2014 ní bíi 2,059, ó parí 2015 ní bíi 2,044. Ẹni tó tẹ̀ lé kírọ́ọ̀sì tà lóṣù kẹjọ nígbà tí ọjà wà lábẹ́ 2,000, ó rà padà lóṣù kejìlá lókè 2,000, ó tún tà lóṣù kìíní 2016 lábẹ́ 2,000, ó tún rà lóṣù kẹrin lókè 2,000. Ó tà sísàlẹ̀, ó rà sókè, lẹ́ẹ̀mejì.

Arábìnrin kan ní iwájú níbí bèèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí mo bá ní mi ò ní rà àfi tí ìlà méjèèjì bá jìnnà síra dáadáa ńkọ́?” Ìbéèrè tó dáa gan-an ni, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ká ní àlàfo gbọ́dọ̀ tó 2.5. Nínú réńjì 100 sí 108 wa, àlàfo tó pọ̀ jù ò ju 2.33 lọ, ẹ ò ní rà rárá, ẹ ti bọ́. Nínú ọjà tó lọ dé 140, àlàfo á di 3 lọ́jọ́ tí ọjà dé 110, ẹ ó rà níbẹ̀ dípò 106, èrè yín á di 24. Ìyẹn ṣì dáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí réńjì yẹn fẹ̀ díẹ̀, kó máa lọ láti 100 sí 110. Ẹni tí ò lo àlàfo á rà ní 106, á tà ní 104, ó pàdánù 2. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró de àlàfo, ọjọ́ tó bá pé 2.5 ni ọjọ́ tí ọjà wà ní 110 gan-an, orí òkè pátápátá lẹ ti máa rà, ẹ ó sì tà ní 104, 6 ti lọ. Owó ibodè yín ti kúrò ní 12, ó ti di 16.