Bí A Ṣe Ń Fi Ojú Tó Là Rọ́pò Ojú Tó Dì Nínú Fọ́tò Ẹbí

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ayàwòrán àti ẹ̀yin tó ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: fọ́tò ẹbí tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ dára, àfi ẹnìkan tó ṣẹ́jú lásìkò tí kámẹ́rà dún. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti mọ̀ pé a lè mú ojú onítọ̀hún láti inú fọ́tò mìíràn tí a yà tẹ̀lé e. Èyí tó le níbẹ̀ ni pé kí ọmọ tàbí ọkọ ẹni náà wo fọ́tò ọ̀hún, kó má sì fura rárá. Ohun tó sábà ń tú wa fó ni pé ojú nìkan la gbé, a fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí tó bá ojú náà rìn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò ìgbéyàwó kan ṣe àpẹẹrẹ. Èèyàn 14 ló wà níbẹ̀, ìlà méjì, méje jókòó, méje dúró lẹ́yìn wọn. Kámẹ́rà wà lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a sì ya fọ́tò mẹ́fà léraléra. Ẹ̀kẹta ló dára jù, ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó, tó jókòó níwájú pẹ̀lú gèlè rẹ̀, ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì dì pátápátá. Ẹ̀kẹta yìí la ó máa pè ní fọ́tò ìpìlẹ̀. Èyí tí a ó ti mú ojú wá ni fọ́tò orísun.

Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká mọ bí ohun tí à ń gbé ti kéré tó. Fọ́tò kámẹ́rà yìí fẹ̀ ní píksẹ́lì 6000, ó ga ní 4000. Bí èèyàn méje bá jókòó kún ìbú rẹ̀, orí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní fẹ̀ ju nǹkan bí 240 píksẹ́lì lọ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì, ojú kan ṣoṣo yóò sì tó nǹkan bí 50. Tí a bá tẹ fọ́tò náà ní ínṣì 20 ní ìbú, ojú yẹn kò ju nǹkan bí mìlímítà mẹ́rin lọ. Ìdí nìyí tí yíyẹ̀ píksẹ́lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin fi tó láti mú kí màmá dà bí ẹni tí ojú rẹ̀ wọ́.

Nínú fọ́tò márùn-ún tó kù, ojú màmá là nínú ẹ̀kejì, ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún. Nínú ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ là dáadáa, ó mọ́, ó dán, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ má mú un. Màmá kò rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nígbà tí èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn, iṣan tó yí ojú ká máa ń fún ara rẹ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gòkè, ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ á gòkè tẹ̀lé e, ojú á kéré díẹ̀, awọ igun tó kọjú sí etí á sì ká jọ. Bí a bá gbé ojú tó là gbàgà sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí ẹ̀rù bà ni yóò jọ. Nínú ẹ̀karùn-ún, màmá ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó ṣòro láti fi irinṣẹ́ yí ibi tí ojú kọ sí padà kó sì rí bíi tẹ̀dá. Ẹ̀kẹrin ló kù: ẹ̀rín wà níbẹ̀, ó ń wo kámẹ́rà, ojú rẹ̀ kéré díẹ̀ nítorí ẹ̀rín, orí rẹ̀ nìkan ló tẹ̀ sápá kan díẹ̀. Orí tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kò ṣòro tún ṣe. Orí tó yí kúrò níwájú kámẹ́rà ló ń fa wàhálà, nítorí ojú kan ti súnmọ́ imú ju èkejì lọ. Ọ̀nà tí à ń gbà mọ̀ ọ́n ni pé kí a fa ìlà láti igun ojú kan tó kọjú sí etí dé ti èkejì nínú fọ́tò méjèèjì, kí a wo ibi tí ṣóńṣó imú bọ́ sí lábẹ́ ìlà náà. Bí ibẹ̀ bá ti yẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gígùn ìlà náà lọ, ẹ má fi ojú nìkan ṣe é mọ́. Gbogbo orí ni kí ẹ gbé.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e ni pé kí fọ́tò méjèèjì jáde láti inú RAW pẹ̀lú ètò kan náà. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà, bíi 5500 K, kì í ṣe `Auto`, nítorí kọ̀ǹpútà lè ka aṣọ aláwọ̀ pupa kan tó ṣípò, kó sì fún fọ́tò kejì ní àwọ̀ mìíràn. Àtúnṣe léńsì náà gbọ́dọ̀ bára mu, a kò sì gbọ́dọ̀ tíì gé etí èyíkéyìí nínú wọn. Bí fíláàṣì kò bá tíì gba agbára tán nígbà tí a ya ẹ̀kẹrin, yóò ṣókùnkùn díẹ̀. Nínú RAW ni kí ẹ ti gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, kó tó wọ inú Photoshop.

Ní Photoshop, `File > Scripts > Load Files into Stack` ni yóò kó fọ́tò méjèèjì sínú fáìlì kan, ìpele kan lórí èkejì. Ẹ fi fọ́tò orísun sókè. Ẹ yan méjèèjì, kí ẹ sì lo `Edit > Auto-Align Layers` pẹ̀lú `Reposition`. Bí a bá di kámẹ́rà mọ́wọ́ ni, `Auto` ló yẹ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń rò pé iṣẹ́ tán. Ògiri, àga àti ilẹ̀, àwọn ohun tí kò kúrò lójú kan, ni kọ̀ǹpútà tò jọ. Orí màmá tó tẹ̀ kò sí lára wọn, nítorí náà ọwọ́ wa ni yóò tún un tò.

Ẹ yan ìpele fọ́tò orísun nìkan, ẹ mú `Lasso`, kí ẹ sì yí ojú màmá ká láti iwájú orí, nísàlẹ̀ etí gèlè, gba ẹ̀gbẹ́ irun òkè ojú wá sí ibi tí etí bẹ̀rẹ̀, sọ̀kalẹ̀ dé abẹ́ egúngún ẹ̀rẹ̀kẹ́, rékọjá igi imú, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ padà ní apá kejì. Ojú méjèèjì pọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí gèlè wọ inú rẹ̀, torí ìká rẹ̀ kò ní bá ti ìsàlẹ̀ mu. `Ctrl+J` á sọ ohun tí ẹ yí ká di ìpele tirẹ̀. Ẹ pa fọ́tò orísun odindi mọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, kó má baà bo ìpìlẹ̀, kí ẹ sì sọ ìpele tuntun náà di `Smart Object`, kó má baà máa pàdánù mímú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí i.

Ẹ wá dín `Opacity` rẹ̀ kù sí 50%, kí ẹ tẹ `Ctrl+T`. Kí la ó fi tò ó, nígbà tí ojú tìsàlẹ̀ ti dì? Igun ojú. Bí ojú tilẹ̀ dì, igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú àti èyí tó kọjú sí etí ṣì hàn kedere. Ẹ kọ́kọ́ gbé igun ẹ̀gbẹ́ imú kan lé orí ẹnìkejì rẹ̀, kí ẹ gbé àmì àárín ìyípo síbẹ̀, kí ẹ wá yí i títí igun tó jìnnà jù, ní ojú kejì, yóò fi bọ́ sí ipò. Bó bá ku díẹ̀ kó dé, ẹ lè mú un tóbi tàbí kéré ní 1% tàbí 2%, nítorí màmá lè ti tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bó bá ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí ló yí. Ẹ má fi irun òkè ojú tò ó: bí ojú bá là, irun yẹn náà máa ń gòkè díẹ̀, ó sì tọ́ kó yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀.

Ẹ dá `Opacity` padà sí 100%. Ẹ tẹ `Alt` mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń tẹ àmì `Add Layer Mask`, ìbòjú dúdú á bo gbogbo ohun tí ẹ gbé wá. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì funfun, `Hardness` 0%, kó fẹ̀ tó nǹkan bí 40 píksẹ́lì, kí ẹ sì fi kun ojú náà jáde díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ síta. Ibi tí ìbòjú bá ti parí ló ń tú àṣírí. Ó gbọ́dọ̀ parí sórí awọ tó tẹ́jú: iwájú orí, ẹ̀gbẹ́ igi imú, orí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò gbọ́dọ̀ parí lórí ìpéǹpéjú, kò gbọ́dọ̀ gé ìlà ẹ̀rín sí méjì. Ohun kan tún wà tó ń yọ àwa tó ń ya èèyàn dúdú lẹ́nu gidigidi: ibi dídán tí fíláàṣì ń fi sórí awọ nígbà tí òógùn bá ti jáde lábẹ́ pánkéèkì. Bí orí bá ti tẹ̀, ibi dídán yẹn á ṣípò. Bí etí ìbòjú bá gba àárín rẹ̀ kọjá, a ó rí ìdajì dídán tí ìdajì rẹ̀ kù. Ẹ gbé e wọlé tán tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ tán.

Bí awọ kò bá bára mu síbẹ̀, ẹ so `Curves` mọ́ ìpele náà nìkan pẹ̀lú `Ctrl+Alt+G`. Ẹ ṣètò `Eyedropper` sí `5 by 5 Average`, kí ẹ ka nọ́ńbà R, G, B ní ibi kan náà lórí iwájú orí, tòkè àti tìsàlẹ̀. Bí ìyàtọ̀ kò bá ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, ó ti tó. Bó bá jẹ́ pupa nìkan ló yàtọ̀, pupa nìkan ni kí ẹ tún ṣe.

Àyẹ̀wò tí mo fọkàn tán jù rèé: ẹ máa pa ìpele náà, ẹ máa tan án, kíákíá, nígbà tí ẹ bá ń wo fọ́tò ní ìdajì ìtóbi rẹ̀, ìyẹn 50%. Ohun tó yẹ kó mì ni ìpéǹpéjú àti irun òkè ojú. Bí orí màmá bá dà bí ẹni pé ó fò, igun ojú kò tíì jókòó. Ẹ tún wo ibi funfun kékeré tí iná ń fi sórí dúdú ojú: apá kan náà ló gbọ́dọ̀ wà ní ojú màmá àti ní ojú àwọn tó jókòó tì í. Ìdí nìyí tí a kì í fi yí ojú kan sódì láti fi ṣe èkejì. Iná á bọ́ sí apá òdì, bó sì ṣe kéré tó, ó ń hàn.

Ẹni tó wọ jígí kò ṣeé ṣe báyìí. Ohun tí jígí ń fi hàn lójú rẹ̀ àti òjìji férémù rẹ̀ máa ń ṣípò pẹ̀lú orí, torí náà férémù, jígí àti ojú ni kí ẹ jọ gbé. Ní ti fọ́tò tí ìwé ìròyìn fẹ́ tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìròyìn, ẹ má ṣe é rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni òǹkàwé gbà pé òun ń rí.

Gbogbo èyí dá lórí pé fọ́tò orísun wà. Nic Svenson àti Piers Barnes, ti àjọ ìwádìí CSIRO ní Ọsirélíà, ṣírò iye fọ́tò tó yẹ ká yà kí ojú gbogbo èèyàn lè là nínú ọ̀kan, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Ig Nobel lórí rẹ̀ ní 2006. Bí èèyàn kò bá tó 20, ẹ pín iye wọn sí mẹ́ta bí ìmọ́lẹ̀ bá dára, sí méjì bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn. Fún èèyàn 14, ìyẹn jẹ́ márùn-ún nínú oòrùn, méje nínú gbọ̀ngàn. Bó bá jẹ́ ẹnìkan náà ló ń dijú nínú gbogbo rẹ̀, ẹ yí fíláàṣì kúrò ní TTL sí `M`: iná kékeré tí TTL máa ń kọ́kọ́ tàn láti fi wọn ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú kí iná gidi tó dé.