Kí ló dé tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì kì í dúró sójú kan?

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo wa la mọ̀ pé ọdọọdún ni Ràmàdáánì ń sún síwájú, tí a bá sì bi èèyàn pé ọjọ́ mélòó, á ní 11. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ọjọ́ tí Sáúdí bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀: 23 Máàṣì lọ́dún 2023, 11 Máàṣì lọ́dún 2024, 1 Máàṣì lọ́dún 2025, 18 Fẹ́búárì lọ́dún 2026. Ẹ kà á dáadáa, ọjọ́ 12 ló kọ́kọ́ fi sún, lẹ́yìn náà 10, kó tó wá jẹ́ 11.

Òṣùpá ni ká kọ́kọ́ bi. Ọjọ́ 27 àti díẹ̀ ló fi ń yí ayé po, àmọ́ ayé náà ò jókòó, òun náà ń yí oòrùn ká, torí ẹ̀ tí òṣùpá bá parí ìyípo ẹ̀, ó ṣì máa lé oòrùn bá fún nǹkan bí ọjọ́ méjì kó tó di oṣù tuntun. Ìyẹn ló sọ ọ́ di ọjọ́ 29 àbọ̀ àti díẹ̀. Ẹ fi 12 sọ ọ́ lọ́nà púpọ̀, ẹ máa rí 354 àti díẹ̀, nígbà tí ọdún oòrùn jẹ́ 365 àti díẹ̀.

Èèyàn ò sì lè pín ọjọ́ sí méjì, oṣù á jẹ́ 29 tàbí 30 ni, ìdí nìyẹn tí ọdún Híjírà fi máa ń jẹ́ ọjọ́ 354 nígbà míì, 355 nígbà míì. Láàárín 2023 sí 2024, òṣùpá lo ọjọ́ 354, àmọ́ Fẹ́búárì 2024 ní ọjọ́ 29, ọdún oòrùn wá di 366, ìyàtọ̀ 12 nìyẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e, òṣùpá lo 355, oòrùn lo 365, ó ku 10. Ìkẹta, 354 sí 365.

Ṣé kò ṣeé tún ṣe ni? Ó ṣeé ṣe o, àwọn Júù ń fi oṣù kan kún ọdún wọn nígbà méje láàárín ọdún 19, ìdí nìyẹn tí ọdún ìrékọjá wọn kì í fi kúrò ní ìgbà ìrúwé. Àwọn Lárúbáwá náà ń sún oṣù síwá sẹ́yìn kí Ìsìláàmù tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, nasíì ni wọ́n ń pè é, àmọ́ Kùránì kọ̀ ọ́ nínú Súrà Táobà, ó ní oṣù 12 péré ni. Bí oṣù Rábíì tó túmọ̀ sí ìgbà ìrúwé ṣe wá ń bọ́ sígbà òtútù nìyẹn (orúkọ ò báṣẹ́ mu mọ́, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín).

Ọjọ́ 11, ọjọ́ 11 yìí, tó bá di bí ọdún 33, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé odindi ọdún kan. Lọ́dún 1997, Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ ní Jánúárì, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ ní òpin Dìsẹ́ńbà. Ẹ fi 33 kún un, 2030 ni, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.