Ààlà Ta Ni? Bí A Ṣe Ń Yan Ìnṣọ́ránsì Ìlera àti ti Ẹ̀mí

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé nílé-iṣẹ́ adójútòfò. Tí ẹni tó ra ìnṣọ́ránsì bá wá béèrè owó, èmi ni mo máa ń ka ìwé rẹ̀, tí mo máa ń sọ bóyá a ó san án tàbí a kò ní san án. Ìdí iṣẹ́ yẹn ni mo ti rí i pé kì í ṣe àwọn tí kò ra nǹkan kan nìkan ni àìsàn máa ń gbé owó wọn lọ. Àwọn tó rà á, tí wọ́n ń san án déédéé láìpa oṣù kan jẹ, náà máa ń bá ara wọn lófo. Ohun tí wọ́n rà ń gbé ẹrù kékeré fún wọn, ó wá jù wọ́n sílẹ̀ nígbà tí ẹrù wúwo dé.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo tọkọtaya kan. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 9, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 4. Tọkọtaya ló ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ owó ìlú kankan. Iye tó ń wọlé fún àwọn méjèèjì lóṣù kan ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n: tí mo bá ní "owó oṣù 5", iye tí ilé yẹn ń rí ní oṣù márùn-ún ni mò ń sọ. Ọdún 12 ni wọ́n ti ń tọ́jú owó, ohun tí wọ́n sì ní nípamọ́ báyìí jẹ́ owó oṣù 30.

Ìwé ìnṣọ́ránsì ìlera méjì ni wọ́n gbé síwájú wọn. Ẹ jẹ́ ká ní iye kan náà ni wọ́n ń pè é lọ́dún. Ìwé kìíní máa ń san owó láti ìbẹ̀rẹ̀: ikọ́, ibà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ kò ní mú kọ́bọ̀ lápò. Ṣùgbọ́n kò ní san ju owó oṣù 10 lọ lórí ẹnì kan láàárín ọdún kan. Ìwé kejì ní kí wọ́n kọ́kọ́ ná owó oṣù 2 fúnra wọn kí òun tó dá sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò máa san ìdá 1 nínú 5 owó ìwòsàn, òun yóò máa san 4 tó kù. Ọjọ́ tí gbogbo ohun tí wọ́n ti san lápò ara wọn lọ́dún náà bá pé owó oṣù 5, ó parí fún wọn. Ilé-iṣẹ́ ni yóò san gbogbo ìyókù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á mú ìwé kìíní. Mi ò dá wọn lẹ́bi, nítorí lọ́dún tí ara bá le, ìwé kejì á dà bí ẹni tí a ń fún lówó tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ pé ìyá ilé ṣàìsàn lójijì. Iṣẹ́ abẹ ni, ó sì lo ọjọ́ 18 ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń ṣọ́ aláìsàn tọ̀sán tòru. Owó tí ilé ìwòsàn kọ síwájú wọn jẹ́ owó oṣù 60. Pẹ̀lú ìwé kìíní, ilé-iṣẹ́ san 10, ó pa ìwé dé. 50 ló kù. Owó oṣù 30 tí wọ́n fi ọdún 12 kó jọ tán pátápátá, wọ́n tún jẹ gbèsè owó oṣù 20. Pẹ̀lú ìwé kejì, wọ́n á kọ́kọ́ san 2. Ohun tó kù jẹ́ 58, ìdá 1 nínú 5 rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 11, àmọ́ wọn ò ní san án dé ibẹ̀: bí ohun tí wọ́n san bá ti pé 5, ó dúró. 25 ṣì wà nílẹ̀ nínú 30 wọn.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó bá ń ta ìnṣọ́ránsì fún yín nìyí: ààlà tó wà nínú ìwé yìí, ààlà ta ni? Ìwé kìíní pààlà sí ohun tí ilé-iṣẹ́ yóò san. Ìwé kejì pààlà sí ohun tí ẹ̀yin yóò san. Ọ̀kan dáàbò bo ilé-iṣẹ́, èkejì dáàbò bo owó yín. Ibà àti ikọ́ kò lè jẹ owó ọdún 12 tán láé. Owó tó wà lọ́wọ́ yín lè gbé ìyẹn. Èyí tí kò lè gbé ni kí ẹ gbé fún ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, ààlà tiyín náà ní ibi tó ti ń jò. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ lákọ̀tun. Tí àìsàn bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó kẹ́yìn ọdún ìnṣọ́ránsì, tí ìtọ́jú sì wọ ọdún tuntun, ó ṣeé ṣe kí ẹ san owó oṣù 5 lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí owó tó ṣeé fọwọ́ kàn kíákíá tó ìlọ́po méjì ààlà yẹn. Owó tí ẹ bá san fún ilé ìwòsàn tí kò sí lórí orúkọ àwọn tí ilé-iṣẹ́ ń bá ṣiṣẹ́ sábà máa ń bọ́ sí ìta, wọn kì í kà á mọ́ ọn. Tí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo ìwé tó wà lágbègbè yín ló pààlà sí ti ilé-iṣẹ́, ẹ mú èyí tí ààlà rẹ̀ ga jù lọ, kódà bí ẹ óò tilẹ̀ máa san ohun kékeré fúnra yín. Ẹ wo àwọn ààlà kéékèèké tó fara pamọ́ sínú ńlá pẹ̀lú: iye tó wà fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ, fún fífọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, fún bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kan. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ iye ńlá gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, tí ti jẹjẹrẹ tó wà lójú ewé kọkànlá kò sì lè gbé ìtọ́jú oṣù kan.

Ó kan ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí wàyí. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ rọrùn ju bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ ọ́. Bàbá ilé ló ń mú ìdá 6 nínú 10 owó tó ń wọlé wá. Tí ó bá kú, oúnjẹ tirẹ̀ àti owó ọkọ̀ tirẹ̀ kò sí mọ́, nítorí náà ohun tí ilé yóò pàdánù lóṣooṣù á sún mọ́ ìdá 4 nínú 10. Títí di ìgbà wo? Títí ọmọ ọdún 4 yóò fi pé ọdún 22, tí yóò lè dá dúró. Ọdún 18 nìyẹn, oṣù 216. Ẹ sọ 216 di ìlọ́po ìdá 4 nínú 10, ó lé díẹ̀ ní owó oṣù 86. Gbèsè ilé tí wọ́n ń gbé ṣì ku owó oṣù 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí owó oṣù 106. Mo ti jẹ́ kí èrè tí owó náà máa mú wá níbi tí wọ́n bá fi sí àti ọ̀wọ́n gógó ọjà pa ara wọn rẹ́. Níbi tí ọ̀wọ́n gógó bá ti ń sáré ju èrè lọ, 106 kò ní tó. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ yọ èyí tí ibi iṣẹ́ ń ṣe fún un kúrò nínú rẹ̀, nítorí ọjọ́ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ìyẹn sábà máa ń dópin. Kí wọ́n ṣe irú ìṣirò kan náà fún ìyá. Òbí tó ń tọ́jú ọmọ nílé láìgba owó oṣù náà wà nínú rẹ̀, torí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ yóò gbowó.

Irú èwo ni wọ́n á wá rà? Ìnṣọ́ránsì tó ní iye ọdún, ọdún 18 gan-an. Bí ẹni náà bá kú láàárín rẹ̀, wọ́n á san 106. Bí kò bá kú, kò sí ohun tó ń bọ̀. Màmá kan nàwọ́ níbí yìí, wọ́n ní, "Ẹ dákun sà, ṣé owó yẹn kò wá ṣòfò ni?" Mo bi wọ́n pé, màmá, ẹ̀ṣọ́ tó ṣọ́ ilé ní gbogbo òru tí olè ò wá, ṣé ẹ ó gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìbéèrè wọn dára, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń ta irú kejì, èyí tó pa ìfowópamọ́ pọ̀ mọ́ ìnṣọ́ránsì, fún wa. Ó wúlò fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n fún iye ìdójútòfò kan náà, ó gbówó lórí ju ti oní-iye-ọdún lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìdílé kò lè san ti 106, wọ́n á wá ra ti 10. Bàbá á kú, owó oṣù 10 á dé, ọmọ ọdún 4 á sì ti jẹ ẹ́ tán kó tó pé ọdún 7.

Ẹ tètè rà á, ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 270 sẹ́yìn, ẹgbẹ́ ìnṣọ́ránsì kan kò gba onímọ̀ ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Jémíìsì Dọ́dísìn wọlé, torí ó ti lé ní ọdún 45. Ó lọ jókòó, ó ṣírò bí wọ́n ṣe lè bu owó fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀ ní ọjọ́ tó wọlé, tí owó náà kò sì ní yí padà mọ́. Ó kú ní 1757. Ní 1762, àwọn kan dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ lórí ìṣirò rẹ̀. Ọjọ́ orí yín lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí ìwé ni wọ́n ṣì fi ń bu owó fún yín títí di òní.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìwé ìbéèrè tí wọ́n máa ń ní kí ẹ kọ, torí ọkàn mi kò tíì kúrò lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan kú ní oṣù kẹrìnlá tó ra ìnṣọ́ránsì. Ìyàwó rẹ̀ wá. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, "Rárá" ló wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn fi hàn pé ó ti ń lo oògùn rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ìyàwó ní aṣojú ilé-iṣẹ́ ló bá ọkọ òun kọ ọ́, ó ní kó kàn fọwọ́ sí i, pé ìyẹn á jẹ́ kó dín owó. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ilé-iṣẹ́ ní àǹfààní, pàápàá ní ọdún méjì àkọ́kọ́, láti padà yẹ ìdáhùn wò, kí wọ́n sì fagi lé ìwé. Wọ́n fagi lé e. Owó tí ọkùnrin náà ti san nìkan ni wọ́n dá padà. Ká ní ó sọ òótọ́ ni, owó tí yóò máa san ìbá lé díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ìbá sì gbowó. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ìdáhùn, ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò àti sìgá tí ẹ ń mu, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé náà.

Lẹ́yìn náà, owó tí ẹ ń san. Tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá, nǹkan bí 30 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé náà ti kú, ẹni tó bá sì fẹ́ jí i padà yóò tún dáhùn ìbéèrè nípa ìlera rẹ̀, nígbà tí ara lè má dá ṣáṣá mọ́. Ẹ jẹ́ kí báńkì máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Màmá tó béèrè lẹ́ẹ̀kan tún nàwọ́. Wọ́n ní ọkọ àwọn ní irú ìwé yìí, ṣùgbọ́n àwọn kò rí i rí. Mo ní kí wọ́n béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ọkọ wọn lálẹ́ òní: orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà ìwé, àti orúkọ ẹni tí wọ́n kọ pé kí wọ́n san owó fún. Bí orúkọ ọmọ kékeré ló wà níbẹ̀, kí wọ́n yan àgbàlagbà tí yóò tọ́jú owó náà fún un. Ilé-iṣẹ́ kì í dédé mọ̀ pé ènìyàn ti kú, ẹni tó wà láyé ló ń lọ sọ fún wọn.