Ká ka orí àwọn tó gba áàpù, tàbí ká ka ohun tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń polówó áàpù sọ ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè rọrùn láti kà.

Ojú ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń tẹ̀ kọjá láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ń ṣí ìpolówó áàpù lórí Google Ads, yóò bi yín pé kí lẹ fẹ́ kí òun lépa. Yóò gbé `Install volume` síwájú yín, èyí tó túmọ̀ sí pé kó wá ọ̀pọ̀ ènìyàn tí yóò gba áàpù náà sórí fóònù wọn. Yóò tún gbé `In-app actions` kalẹ̀, ìyẹn ni pé kó wá àwọn tí yóò ṣe ohun kan pàtó nínú áàpù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á. Meta náà ní irú rẹ̀ méjèèjì. Àwọn kan gbà pé àkọ́kọ́ ni ti ẹni tí owó rẹ̀ kéré, èkejì ni ti ẹni tó rí já jẹ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó pinnu ni iye àmì, ìyẹn ìròyìn pé ẹnì kan ti ṣe ohun kan nínú áàpù, tí áàpù yín lè fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìpolówó lójúmọ́, àti bóyá àmì náà sọ òótọ́.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ ìpolówó kò gbọ́ òwe yẹn rí. Bí ẹ bá ní kó wá ẹni tó ń gba áàpù, yóò wá àwọn tí gbígba áàpù kò ná wọn ní nǹkan kan: àwọn tó ń gba mẹ́wàá lọ́sẹ̀ tí wọ́n sì ń pa mẹ́sàn-án rẹ́. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Iṣẹ́ tí ẹ rán an gan-an ló jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú áàpù kan ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan tó ń kọ́ ènìyàn ní èdè. Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú yóò máa san owó oṣooṣù, ó sì lè fi ọjọ́ 7 tọ́ ọ wò kó tó san. Ẹni tó ni ín ń ná dọ́là 100 lójúmọ́ lórí ìpolówó. Gbígbà sórí fóònù ló ní kí ẹ̀rọ máa lépa, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń ná an ní àádọ́ta sẹ́ńtì, nítorí náà 200 ènìyàn ló ń wọlé lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ 30, 6,000 ènìyàn ti gbà á. Nínú wọn, 1,200 forúkọ sílẹ̀, 480 parí ẹ̀kọ́ kẹta, 60 sì sanwó. Dọ́là 3,000 ló ti ná, torí náà olùsanwó kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 50. Ó fẹ́ kí iye yẹn wálẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kó kúkú sọ fún ẹ̀rọ pé olùsanwó lòun ń wá. Ó mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ níbi tó wà yìí. Olùsanwó 60 lóṣù jẹ́ méjì péré lójúmọ́. Google ní kí a yan ìṣe tí ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò dín ní 10 ń ṣe lójoojúmọ́. Meta ń fẹ́ nǹkan bí 50 láàárín ọjọ́ 7 kí ìpolówó tó jáde kúrò ní ìgbà ìkẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì ń kọ́ irú ẹni tó yẹ kó wá. Méjì lójúmọ́ jẹ́ 14 lọ́sẹ̀, kò dé ìdá mẹ́ta ohun tí Meta ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀: Google dámọ̀ràn pé kí owó ojúmọ́ tó ìlọ́po 10 iye tí ẹ fẹ́ san lórí ìṣe kan, ó kéré tán. Bí olùsanwó bá jẹ́ dọ́là 50, dọ́là 500 lójúmọ́ nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún lẹni yìí ní. Bó bá fi agídí ṣe é, ẹ̀rọ yóò máa tá fìrí káàkiri láìrí ohun kọ́, ìpolówó rẹ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́.

Ọ̀nà tó kù ni kó wá ìṣe kan tó wà láàárín, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ kíá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe, tó sì ya ẹni tí yóò sanwó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò ní san. Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé, torí pé ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n máa ń yàn. Nínú áàpù tiwa yìí, kò sí ẹni tó lè sanwó láìforúkọ sílẹ̀, gbogbo olùsanwó 60 ló wà nínú 1,200 yẹn. Ìyẹn jẹ́ 5 nínú 100. Ẹ wá wo ẹ̀kọ́ kẹta: nínú 480 tó parí rẹ̀, 48 ló sanwó, ìyẹn 10 nínú 100. Nínú 5,520 tí kò parí rẹ̀, 12 péré ló san. Ẹ rí i bí ó ṣe ya ọkà kúrò lára èèpo. Ènìyàn 16 ló ń parí ẹ̀kọ́ kẹta lójúmọ́, ó ju 10 Google lọ, ó sì jẹ́ 112 lọ́sẹ̀, ó ju 50 Meta lọ. Lọ́wọ́lọ́wọ́, dọ́là 6 àti sẹ́ńtì 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná an. Ìlọ́po 10 rẹ̀ kò tó dọ́là 63, owó rẹ̀ gbé e.

Kí ẹ tó gbé ìṣe kankan lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, ẹ rí i dájú pé ohun tí ẹ rò pé ó ń kà ló ń kà. Mo ti jìyà èyí rí. Nínú iṣẹ́ kan tí mo ṣe, àmì ń jáde nígbàkígbà tí ojú ìwé ẹ̀kọ́ bá ṣí, kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yọ̀ pé nǹkan ń dára. Ohun tó tú àṣírí rẹ̀ ni pé mo pín iye àmì sí iye ènìyàn, mo sì bá àmì mẹ́rin lórí ẹnì kan. Ìṣe tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀kan lórí ènìyàn kan. Lórí Android pẹ̀lú Firebase, irinṣẹ́ Google tó ń ka ìṣe inú áàpù, ohun kékeré báyìí ti tó:

```kotlin
if (lesson == 3 && !prefs.getBoolean("l3", false)) {
    analytics.logEvent("lesson_3_complete", null)
    prefs.edit().putBoolean("l3", true).apply()
}
```

Ẹni tó bá pa áàpù rẹ́ tó tún gbà á padà lè tún fi àmì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, torí náà ẹ tún yan `One` níbi `Count` lórí Google Ads.

Ẹni tó ni áàpù èdè yẹn yí i padà, ẹ̀kọ́ kẹta ló wá ní kí ẹ̀rọ máa lépa. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Àwọn tó ń gba áàpù já bọ́ láti 200 sí 80 lójúmọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan wá di dọ́là 1 àti sẹ́ńtì 25. Olùsanwó 12 ló rí ní ọ̀sẹ̀ náà, nígbà tó jẹ́ pé 14 ló máa ń rí tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dá a padà síbi tó wà níbí yìí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ 7 ìtọ́wò: púpọ̀ nínú àwọn olùsanwó ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìpolówó àtijọ́ mú wá. Ọjọ́ tí ẹnì kan gba áàpù ni kí ẹ fi pín wọn, kì í ṣe ọjọ́ tó sanwó. Bí ẹ bá sì ń fọwọ́ kan owó tàbí ohun tí ẹ ń lépa ní gbogbo ìgbà, ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ yóò máa bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ 30 pé, tó sì ti dúró kí ọjọ́ ìtọ́wò àwọn tó dé kẹ́yìn parí, 2,400 ló gbà á, 720 parí ẹ̀kọ́ kẹta, 70 sì sanwó. Dọ́là 3,000 náà ni, ṣùgbọ́n olùsanwó ti di dọ́là 43 tí kò pé.

Ẹ wo ohun kan nínú ìṣirò yẹn. Nínú 720, 65 ló sanwó, ìyẹn 9 nínú 100. Tẹ́lẹ̀, 10 ni. Ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọn kò ní í sanwó láéláé. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, kò sì burú bó bá jẹ́ díẹ̀. Bí ó bá di 5, àmì náà ti kú nìyẹn, ẹ wá òmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn tó ń ṣe áàpù pé kí wọ́n má fi ẹ̀bùn sí ìdí ìṣe tí a fi ń kọ́ ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ń fún ẹni tó parí ẹ̀kọ́ kẹta ní nǹkan, ọdẹ ẹ̀bùn ni ẹ̀rọ yóò máa kó wá bá yín, àwọn tó parí ẹ̀kọ́ náà yóò sì pọ̀ yanturu.

Lórí áífóònù, àsìkò ṣe pàtàkì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti iOS 14.5 ní oṣù kẹrin 2021 ni áàpù ti gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó tọpa ènìyàn. Fún ẹni tí kò bá fún un láṣẹ, ìròyìn máa ń gba ọ̀nà SKAdNetwork, ètò Apple tó ń jábọ̀ iṣẹ́ ìpolówó láìfi ẹni tó gba áàpù hàn. Nínú ẹ̀dà kẹrin rẹ̀, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nìkan ló lè gbé nọ́ńbà tó kún, láti 0 dé 63. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, títí dé ọjọ́ 35, `low`, `medium` tàbí `high` ni yóò sọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn tó gba áàpù láti inú ìpolówó náà bá kéré, Apple lè má fi nọ́ńbà náà hàn rárá. Ẹ̀kọ́ kẹta tí ènìyàn ń parí ní ọjọ́ kìíní wúlò níbẹ̀. Ìsanwó tó ń dé ní ọjọ́ kẹjọ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Obìnrin kan bi mí lọ́jọ́ náà pé, “Ẹ̀gbọ́n, áàpù tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Mi ò tíì ní ẹni 20 nínú rẹ̀. Ìṣe wo ni kí n yàn?” Mo ní kò tíì sí. Kó kọ́kọ́ lépa gbígbà sórí fóònù, kó ka owó náà sí owó ìwádìí, kó sì ti to àmì bíi márùn-ún sínú áàpù kó tó ná sẹ́ńtì kan, torí pé àmì tí kò sí níbẹ̀ lónìí kò ṣeé fi wo ẹ̀yìn lọ́la. Ó béèrè pé títí di ìgbà wo? Mo ní títí ìṣe kan yóò fi kọjá 10 lójúmọ́, tí òun yóò sì ti ní olùsanwó tó pọ̀ tó láti fi wọn ìṣe náà wò. Ó ní ìyẹn lè gba oṣù méjì. Mo ní ó lè gbà á.