Ẹ̀wà Tàbí Ẹyin: Èwo Ni Kó Gbé Oúnjẹ Ọmọ Iléèwé Ró?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́. Ìbéèrè tí wọ́n gbé síwájú mi ni pé, nínú ẹ̀wà àti ẹyin, èwo ni kí ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan gbẹ́kẹ̀ lé kí ọmọ rẹ̀ lè rí èròjà amúaradàgbà tó tó jẹ? Ní tèmi o, ẹ̀wà ni kó ru ẹrù náà, kí ẹyin kan lójúmọ́ máa dí àlàfo tí ẹ̀wà bá fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣírò rẹ̀.

Ká ní ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 8, tó wọn kílò 25. Fún kílò kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ ń fẹ́ èròjà yìí tó gíráàmù kan ó dín díẹ̀ lóòjọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 24. Ẹyin ńlá kan ní gíráàmù 6. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 60, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ife, ní tó 13. Bí ọmọ bá tún jẹ ìrẹsì tó jẹ́ gíráàmù 150 kí wọ́n tó sè é, 10 mìíràn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí kì í ka ti ìrẹsì yìí mọ́ ọn rárá.

Ẹ ṣàkíyèsí pé gbígbẹ ni mo wí. Ẹ̀wà máa ń fa omi bó ṣe ń jinná, gíráàmù 60 a sì di nǹkan bí 150 nínú àwo. Ẹni tó bá bu ẹ̀wà jíjinná gíráàmù 60 fún ọmọ, gíráàmù 5 péré ló fún un, bẹ́ẹ̀ ọkàn rẹ̀ á ti balẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó da ẹ̀wà sínú ìkòkò ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Kì í wá ṣe gbogbo ohun tí ọmọ jẹ ni ara ń rí lò. Ti ẹyin, bóyá ni nǹkan kan ń ṣòfò nínú rẹ̀. Ti ẹ̀wà, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló ń wọlé. Bí a bá yọ ohun tó ṣòfò kúrò, ẹ̀wà fún wa ní 10, ẹyin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6, ìrẹsì sì lé ní 8. Ó pé 24. Bí kò bá sí ẹyin lọ́jọ́ kan, ẹ sọ ẹ̀wà gbígbẹ náà di gíráàmù 90. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà ni kò sí, ẹyin 3 ló máa gba ipò rẹ̀ àti ti ẹyin àkọ́kọ́ pọ̀. Kí oníkálukú fi iye tí wọ́n ń ta méjèèjì lọ́dọ̀ rẹ̀ wo èyí tó san án jù.

Ìyá kan bi mí pé ṣé òun lè kúkú pa ẹyin tì pátápátá. Bí ọmọ náà bá ń rí wàrà, ẹja tàbí ẹran, kò burú. Bí kò bá rí ìkankan nínú wọn, mi ò gbà, nítorí pé ẹ̀wà kò ní fítámììnì B12 rárá, ọmọ kò sì lè ṣe ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára bó ṣe yẹ láìsí i. Ẹ̀wà ní àléébù mìíràn: mẹtiónáìnì, ọ̀kan lára àwọn ègé tí èròjà amúaradàgbà fi ń di odidi, kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ìrẹsì àti àgbàdo ní in, ẹ̀wà náà sì ní láísíìnì, ègé mìíràn tí kò pọ̀ nínú tiwọn. Kò di dandan kí wọ́n wà nínú àwo kan náà. Kí ọmọ ṣáà jẹ méjèèjì láàárín ọjọ́ kan.

Nípa sísè, ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, kí ẹ fi omi mìíràn sè é. Èyí ń dín inú kíkún kù. Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín gba ìṣọ́ra gan-an: májèlé wà nínú rẹ̀ tí iná jẹ́jẹ́ kì í pa. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì máa sè é lọ títí yóò fi rọ̀. Ẹ fi ìka méjì tẹ ẹyọ kan: bí àárín rẹ̀ bá ṣì le, kò tíì jinná, ó sì lè mú ọmọ bì láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹyin náà, ẹ sè é títí pupa rẹ̀ yóò fi dì. Bí a bá mu ún ní tútù, nǹkan bí ìdajì èròjà inú rẹ̀ ló ń bá ìgbẹ́ lọ.

Gbogbo ìṣirò yìí kò ní ṣiṣẹ́ bí ọmọ kò bá yó. Bí oúnjẹ tó ń fúnni lágbára kò bá tó, ara á sun èròjà amúaradàgbà bí igi ìdáná, kò ní fi mọ ẹran ara mọ́. Láti mọ̀ bóyá ó ń tó o, ẹ mú ọmọ dúró láìwọ bàtà, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ògiri, kí ẹ fàlà sókè orí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹ tún un ṣe. Ọmọ ọjọ́ orí yìí sábà máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ga láàárín ọdún kan. Bí kò bá tó 4 láàárín ọdún kan, ìyẹn 2 láàárín oṣù 6, ẹ má kàn fi ẹyin kún ẹyin fún un. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí aràn inú tàbí àìsàn mìíràn lè wà nídìí rẹ̀.